Ọjà tó kọ́kọ́ wọlé ló máa kọ́kọ́ jáde: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí iye ọjà tó kù nílẹ̀ àti owó ọjà tá a tà

Ìbéèrè tí àwọn tó ń ta ọjà tí owó rẹ̀ kì í dúró sójú kan máa ń bi wá la kó jọ síbí. Sìmẹ́ńtì la fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀, torí ó rọrùn láti kà ní àpò-àpò, ẹrù tòní kì í sì í wọlé ní iye tí ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn wọlé. Owó tẹ́ ẹ máa rí, a kàn fi ṣe ìṣirò ni o, ẹ má lọ fi ná ọjà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n, kí ni fáífò tí akántàǹtì wa máa ń sọ yìí gan-an?

Kò le rárá. Tẹ́ ẹ bá ta ọjà, ẹ kà á sí pé èyí tó pẹ́ jù nílẹ̀ lẹ kọ́kọ́ tà. Iye tẹ́ ẹ fi ra òun náà lẹ máa yọ kúrò nínú ìwé, tó bá tán ẹ bọ́ sórí ẹrù tó wọlé tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Torí ẹ̀, ohun tó máa ṣẹ́ kù nínú ìwé nígbàkigbà, owó ẹrù tó wọlé kẹ́yìn ló máa wà lórí ẹ̀.

Nǹkan méjì lẹ máa rí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ni iye tí ọjà tẹ́ ẹ tà ná yín, ìkejì ni iye tí ọjà tó kù nílẹ̀ tó. Owó kan náà ni wọ́n jọ ń pín: gbogbo owó tẹ́ ẹ kó lé ọjà lórí, yálà kó ti bá oníbàárà lọ tàbí kó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá ṣi ọ̀kan ṣe, ìkejì ti bà jẹ́ nìyẹn, èrè yín náà ti bà jẹ́.

Ṣé dandan ni kó jẹ́ àpò tó pẹ́ jù gan-an làwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù máa gbé fún oníbàárà?

Tó bá jẹ́ ti ìwé, rárá o. Àpò kan ò yàtọ̀ sí èkejì, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé èyí tẹ́ ẹ gbé lánàá, ẹrù ọjọ́ wo ni. Ìwé ò nílò kó mọ̀, ó kàn nílò kẹ́ ẹ tẹ̀ lé ìlànà kan náà lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì ní tiẹ̀, ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ lójú ayé náà. Tó bá pẹ́ jù nílẹ̀, tí atẹ́gùn olómi ń kàn án, ó máa ń ṣù, agbára ẹ̀ á dín kù, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ kó ju bí oṣù mẹ́ta lọ. Àwọn ọmọ wa sì nìyí, èyí tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa gbé, ẹrù tuntun ló sì máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà! Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ tó wọlé sára àpò iwájú nínú ìtò kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ to ti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ má tò ó dí ti àtijọ́ lójú.

Tí ẹrù bá wọlé, kí ni kí n kọ sílẹ̀?

Ọjọ́ tó wọlé, iye àpò, àti iye tí àpò kan ná yín títí tó fi dé inú ṣọ́ọ̀bù. Ibi "títí tó fi dé" yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á kọ iye tó wà lórí risíìtì nìkan, wọ́n á wá kó owó tírélà àti owó alábàárù tó já ẹrù sínú ìnáwó oṣù bí owó iná. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Owó tẹ́ ẹ fi gbé ọjà dé ilé wà lára iye ọjà, ẹ pín in lórí àpò tó wọlé. Tí wọ́n bá sì fún yín ní ẹ̀dínwó, ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó pín in. Àmọ́ owó tẹ́ ẹ fi gbé e lọ fún oníbàárà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti tà á, ìyẹn kì í ṣe ara ẹ̀, ìnáwó títà nìyẹn, owó tẹ́ ẹ fi háyà ṣọ́ọ̀bù náà kì í ṣe ara ẹ̀.

Ti ọjọ́, ọjọ́ tí ọjà dé ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹni tó sanwó lọ́jọ́ kejì tí ẹrù ò dé títí di ọjọ́ kẹtàdínlógún, ọjọ́ kẹtàdínlógún ni ẹrù ẹ̀, owó tó wà lọ́wọ́ olówò kó tó dìgbà yẹn, owó ìsanṣáájú lásán ni.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi ṣe é pẹ̀lú owó kí n rí i.

Ó dáa, ẹ mú bírò. Oṣù kìíní la máa ṣe.

Nígbà tí ọdún wọlé, 80 àpò ló kù nílẹ̀ láti oṣù kejìlá, ₦8,600 lọ̀kọ̀ọ̀kan ná wa. Lọ́jọ́ kẹfà, 300 àpò wọlé ní ₦8,700, ọkọ̀ àti alábàárù sì gba ₦60,000, ìyẹn ₦200 lórí àpò kan, nítorí náà ₦8,900 la máa kọ. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, 200 àpò wọlé, àpapọ̀ gbogbo ìnáwó jẹ́ ₦9,300 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, 250 àpò tún wọlé ní ₦9,700. Gbogbo ẹ̀ pọ̀, 830 àpò, owó tá a kó lé wọn lórí sì jẹ́ ₦7,643,000.

Ó wá ku títà. Lọ́jọ́ kẹwàá a ta 250. Ìwé á kọ́kọ́ kó gbogbo 80 ti ọdún tó kọjá, ìyẹn ₦688,000, á wá mú 170 nínú ẹrù ọjọ́ kẹfà ní ₦8,900, ìyẹn ₦1,513,000. Àpapọ̀ ₦2,201,000 ni ọjà ọjọ́ yẹn ná wa. 130 ló kù nínú ẹrù ọjọ́ kẹfà.

Lọ́jọ́ kọkànlélógún a ta 220. A kó 130 yẹn tán (₦1,157,000), a wá mú 90 nínú ẹrù ọjọ́ kẹtàdínlógún (₦837,000), ó di ₦1,994,000. Lọ́gbọ̀n ọjọ́ oṣù, ká ṣáà kọ ọ́ ní ọjọ́ 30, a ta 150: 110 tó kù nínú ti ọjọ́ kẹtàdínlógún (₦1,023,000) àti 40 nínú ẹrù tó dé kẹ́yìn (₦388,000), ó di ₦1,411,000.

Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ₦5,606,000 ni owó ọjà tá a tà. Ó ku 210 àpò nílẹ̀, gbogbo wọn sì jẹ́ ti ẹrù ₦9,700, ìyẹn ₦2,037,000. Ẹ wá fi ₦5,606,000 kún ₦2,037,000, ẹ máa rí ₦7,643,000 yẹn padà. Tí kò bá pé, ẹ ti gbàgbé nǹkan síbì kan, ẹ má sùn lé e lórí.

Owó tá a pa wọlé? ₦9,800 la ta ti àkọ́kọ́, ₦10,100 ìkejì, ₦10,500 ìkẹta, àpapọ̀ ₦6,247,000. Èrè orí ọjà, ká tó yọ owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọmọọṣẹ́, jẹ́ ₦641,000.

Èmi ò ráyè máa kọ iye tí ọjà ná mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá tà. Ṣé mo lè dúró dìgbà tí oṣù bá parí?

Ẹ lè dúró, ohun tí mo fẹ́ràn lára ìlànà yìí nìyẹn. Yálà ẹ ṣe é lójoojúmọ́ àbí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìparí oṣù, iye kan náà ni yóò jáde. Ẹ kàn ka àpò tó wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn: ẹrù tó dé kẹ́yìn jẹ́ 250, àpò tó wà nílẹ̀ jẹ́ 210, nítorí náà gbogbo ẹ̀ wà nínú ẹrù yẹn, 210 lọ́nà ₦9,700. Ká ní 300 lẹ kà, ẹ ó kó 250 ní ₦9,700, kẹ́ ẹ wá mú 50 nínú ti ₦9,300. Tẹ́ ẹ bá ti rí iye ọjà tó kù, ẹ yọ ọ́ nínú gbogbo owó tẹ́ ẹ kó lé ọjà, èyí tó ṣẹ́ kù ni owó ọjà tẹ́ ẹ tà.

Àbùkù kan wà níbẹ̀ ṣá. Tẹ́ni kan bá ti jí àpò mẹ́wàá gbé, ọ̀nà yìí á kà á mọ́ èyí tẹ́ ẹ tà, ẹ ò ní mọ̀ láéláé. Ẹ̀yin á kàn máa rò pé ọjà oṣù yìí ò pawó tó bó ṣe yẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ má kọ iye owó, ṣùgbọ́n ẹ kọ iye àpò tó jáde lójoojúmọ́.

Ìwé sọ pé mo jèrè ₦641,000, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ra ọjà tuntun owó ò ṣẹ́ kù sọ́wọ́ mi. Ṣé ìwé ń purọ́ ni?

Kò purọ́, ohun tó ń sọ lẹ ò tíì gbọ́ dáadáa. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù nìyí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ lórí ẹ̀.

620 àpò lẹ tà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ rà á nígbà tí kò tíì gbówó lórí, ₦8,600, ₦8,900. Iye àtijọ́ yẹn ni ìlànà yìí fi ń ṣe owó ọjà tẹ́ ẹ tà, ó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó títà tòní. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá 620 àpò padà sí ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó máa tà á fún yín ní ₦8,600 mọ́, ₦9,700 ni. 620 lọ́nà ₦9,700 jẹ́ ₦6,014,000. Ẹ yọ ìyẹn nínú ₦6,247,000 tẹ́ ẹ pa, ₦233,000 ló kù.

Nítorí náà, nínú ₦641,000 yẹn, ₦233,000 péré lẹ lè fọwọ́ kàn kí ṣọ́ọ̀bù yín má baà kéré sí bó ṣe wà. ₦408,000 tó kù, èrè ni lóòótọ́, ẹ ra ọjà lówó pọ́ọ́kú kó tó gbówó lórí, ẹ ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n inú àpò sìmẹ́ńtì ni owó yẹn máa padà sí. Ẹni tó bá fi gbogbo ₦641,000 ra áńkárá òde ìyàwó, tó bá tún dé ibi ìrajà, kò ní lè ra 620 mọ́, á ra bíi 577 péré, oṣù tó ń bọ̀ á tún dín kù, kò sì ní mọ ohun tó ń jẹ òun lówó.

Bí owó ọjà bá ṣe ń yára gòkè tó, tí ọjà sì ń pẹ́ nílẹ̀ kó tó tà, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo yìí ṣe máa ń fẹ̀ tó. Ẹni tó ń ta tírélà kan tán lọ́jọ́ mẹ́ta ò ní rí i púpọ̀. Ẹni tí ọjà ẹ̀ ń jókòó fún oṣù méjì, kó máa ṣe ìṣirò kejì yìí lóṣooṣù, iye àpò tó tà lọ́nà iye tí wọ́n ń tà á fún un lónìí, kó tó gbé kọ́bọ̀ lọ sílé.

Kí ló dé tá ò lo ìpíndọ́gba, kí n pa gbogbo owó pọ̀ kí n pín in lórí gbogbo àpò?

Ó wà, wọ́n sì gbà á láyè. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦7,643,000 pín sí 830, bíi ₦9,208 lórí àpò kan, ọjà tó kù á di nǹkan bíi ₦1,933,800, èrè á sì dín kù ní bíi ₦103,000. Kò burú, ó tiẹ̀ rọrùn fún ẹni tó ń ta èròjà kékeré tí ẹrù ẹ̀ pọ̀ bí ìṣó. Ohun tí mi ò fẹ́ nípa ẹ̀ ni pé iye ọjà tó kù ò jọ iye ẹrù kankan tẹ́ ẹ rà rí.

Ti òdìkejì ni kẹ́ ẹ sọ pé èyí tó dé kẹ́yìn lẹ kọ́kọ́ tà. Tẹ́ ẹ bá ṣe é ní ìparí oṣù lọ́nà yẹn, èrè yín á di ₦449,000, ọjà tó kù á sì wà ní ₦1,845,000. Amẹ́ríkà ṣì ń gbà á láyè lábẹ́ òfin ìṣirò tiwọn, àwọn kan sì fẹ́ràn ẹ̀ torí owó orí máa ń dín kù nígbà tí ọjà bá ń gbówó lórí. Ṣùgbọ́n ìlànà àgbáyé IAS 2, tí àwọn ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà náà ń lò, ti kọ̀ ọ́ láti 2005. Èyí tẹ́ ẹ bá mú nínú àwọn tí wọ́n gbà láyè, ẹ dúró tì í, ẹ má máa fò láti ọ̀kan sí ìkejì nítorí pé èrè oṣù yìí kéré lójú yín.

Mo ka ọjà, ìwé ní 210, mo rí 204. Àti pé àpò kan tún ti ya.

Mẹ́fà tó sọnù yẹn, ẹ yọ ọ́ ní iye ẹrù tó wà nílẹ̀, 6 lọ́nà ₦9,700, ₦58,200. Ẹ kọ ọ́ sí ìlà tiẹ̀, "ọjà tó sọnù", ẹ má pò ó mọ́ owó ọjà tẹ́ ẹ tà. Tó bá wà ní ìlà tiẹ̀, ẹ máa rí i tó bá ń di mẹ́jọ, tó ń di méjìlá. Èyí tó ya, tẹ́ ẹ bá lè tà á fún bíríkìlà ní ₦6,000, ₦6,000 yẹn ló yẹ kó wà nínú ìwé, kì í ṣe ₦9,700.

Tí owó sìmẹ́ńtì bá já wálẹ̀ ńkọ́?

Ìlànà kan náà. Ọjà ò gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ní iye tó ju èyí tẹ́ ẹ máa rí lórí ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ₦9,500 péré lẹ lè tà á báyìí, tẹ́ ẹ sì máa ná ₦100 láti gbé e sínú ọkọ̀ oníbàárà, ₦9,400 ló kù fún yín. ₦9,700 la kọ, nítorí náà ₦300 ti lọ lórí àpò kọ̀ọ̀kan, ká ní àpò 210 wà níbẹ̀, ₦63,000 lẹ máa gé kúrò lóṣù yìí gan-an, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá tà á. Ẹni tó ń lo ìlànà tiwa yìí ló máa ń kọ́kọ́ mọ ìrora ẹ̀, torí ẹrù ọ̀wọ́n ló kù sí i lọ́wọ́.

Oníbàárà dá 20 padà, mo sì tún kó 5 lọ ilé tí mò ń kọ́.

Èyí tó dá padà, iye tó bá jáde ló máa bá wọlé. Tó bá jẹ́ nínú ọjà ọjọ́ 30, àpò tí ìwé mú kẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn jẹ́ ti ₦9,700, ẹ dá 20 padà sórí ẹrù yẹn, kẹ́ ẹ sì dín owó ọjà tẹ́ ẹ tà kù. Ẹ má ṣe é ní ẹrù tuntun tó wọlé lónìí. Márùn-ún tẹ́ ẹ kó lọ sílé yín, ẹ yọ ọ́ lórí ẹrù tó pẹ́ jù gẹ́gẹ́ bíi títà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà tẹ́ ẹ tà, owó tí ẹ̀yin ọ̀gá mú nìyẹn.

Mo fẹ́ kí Excel máa ṣe é fún mi.

Ẹ kọ ọjọ́ sí A, iye àpò sí B, iye ọ̀kan sí C, látorí ìlà kejì, ti àtijọ́ lókè. Ẹ kọ gbogbo àpò tẹ́ ẹ ti tà sí H1, nínú àpẹẹrẹ wa 620. Ẹ fi èyí sí D2, kẹ́ ẹ fà á wálẹ̀ dé D5:

```
=MAX(0,MIN(B2,$H$1-SUM(B$1:B1)))
```

Ó ń bi ẹrù kọ̀ọ̀kan pé mélòó nínú rẹ ló ti lọ. Ẹ máa rí 80, 300, 200 àti 40. Àkọlé lásán ni kó wà ní B1, kì í ṣe nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà, owó ọjà tẹ́ ẹ tà àti ọjà tó kù:

```
=SUMPRODUCT(C2:C5,D2:D5)
=SUMPRODUCT(B2:B5-D2:D5,C2:C5)
```

Ọjọ́ ẹrù ò gbọ́dọ̀ dàrú o, tẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹrù kan tẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ tò wọ́n padà.

Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe tèmi, ṣùgbọ́n èrè oṣù kan ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ lọ wò bóyá ọjà kan ti wọ mínúsì. Ká ní akọ̀wé yín kọ títà ọjọ́ 30 sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kọ ẹrù ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Àpò 110 péré ni ẹ̀rọ rí, ẹ sì ní ẹ ta 150. Àwọn ẹ̀rọ kan á ta 40 tó kù yẹn ní òdo náírà. ₦388,000 ti sá nínú owó ọjà tẹ́ ẹ tà nìyẹn, èrè á fò láti bíi ₦10 nínú ₦100 tẹ́ ẹ pa dé bíi ₦16. Àmì ẹ̀ gan-an nìyẹn, iye tẹ́ ẹ fi ń tà ò yí padà, èrè sì fò. Ẹ kọ ẹrù náà sí ọjọ́ tó dé, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ rántí. QuickBooks Online máa ń lo ìlànà tó kọ́kọ́ wọlé yìí fúnra ẹ̀, nítorí náà ọjọ́ tẹ́ ẹ tẹ̀ sí i ló máa tẹ̀ lé.

Onítírélà mú bíìlì ₦25,000 wá lóṣù kejì fún ẹrù tó dé lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní. Níbo ni kí n gbé e sí?

Ẹ pín in lórí 250 àpò, ₦100 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. 40 ti lọ, ₦4,000 yẹn ti di ara owó ọjà tẹ́ ẹ tà. 210 ṣì wà nílẹ̀, ₦21,000 máa gun orí wọn, wọ́n á sì di ₦9,800. Tẹ́ ẹ bá ti ta lára wọn kí bíìlì tó dé, iye tó ṣì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ ọ́ nìkan ló máa gbé tiẹ̀, gbogbo ìyókù á lọ sí owó ọjà tẹ́ ẹ tà lóṣù tẹ́ ẹ wà yẹn, ẹ ò ní láti lọ ṣí ìwé oṣù kìíní tẹ́ ẹ ti pa dé.